Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tó Máa Délé Nínú Owó-oṣù

Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí, ilé wa ní Kàdúná ni mo ti kọ́ ọ, lórí tábìlì oúnjẹ, kì í ṣe nínú kíláàsì. Ó sì ká mi lára, torí owó ìdánwò tèmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Àǹtí mi parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2026 yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àbújá, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn sọ pé owó-oṣù wọn jẹ́ ₦250,000. Ilé gbígbà nínú Àbújá ti wọ́n jù, ni àǹtí mi bá gba yàrá kan àti pálọ̀ sí Ṣuléjà ní ₦400,000 lọ́dún. ₦180,000 nínú owó ilé yẹn, inú owó ọjà màmá wa ló ti jáde. Aṣọ ni màmá ń tà, kò sì pẹ́ tí igun kan fi ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àdéhùn wọn ni pé àǹtí mi á máa dá ₦20,000 padà lóṣooṣù, oṣù mẹ́sàn-án á sì parí ẹ̀. Àǹtí mi tún ṣèlérí pé àwọn á máa ya ₦10,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún owó ìdánwò àṣejáde mi, torí èmi ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí oṣù tó parí ni àǹtí mi ti jókòó, tí wọ́n pín ₦250,000 yẹn tán pátápátá. Wọ́n tún wọ àjọ ₦50,000 pẹ̀lú àwọn márùn-ún kan níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí owó máa wọlé pé, àléètì dún: ₦185,670. Àǹtí mi ní àwọn kọ́kọ́ rò pé apá kan ni, pé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n retí títí, kò sí nǹkan kan tó bọ̀. ₦64,330 ni kò délé.

Ohun tó wà nínú ìwé owó-oṣù

Nígbà mídítáàmù, àǹtí mi wá sí Kàdúná lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì mú ìwé owó-oṣù wọn dání. Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí:

Owó tó wọlé
- Owó-oṣù gangan: ₦120,000
- Owó ilé: ₦60,000
- Owó ọkọ̀: ₦30,000
- Owó oúnjẹ àti àjẹmọ́nú yòókù: ₦40,000
- Àpapọ̀: ₦250,000

Owó tí wọ́n yọ
- Owó ìfẹ̀yìntì: ₦16,800
- Owó àkànṣe ilé gbígbé (NHF): ₦3,000
- Owó-orí (PAYE): ₦24,530
- Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ₦20,000
- Àpapọ̀: ₦64,330

Owó tó délé: ₦185,670

Èmi tí mò ń ṣe Àkáǹtì ní SS2, mo rò pé ọjọ́ mi dé. Mo ti gbọ́ pé òfin owó-orí tuntun máa ń mú náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fa kakulétọ̀ yọ, mo fi 15 lọ́nà ọgọ́rùn-ún sọ ₦250,000 di púpọ̀, ó fún mi ní ₦37,500. Mo ní, "Àǹtí, ilé iṣẹ́ yín ti ṣìṣe o, owó-orí tí wọ́n yọ kéré." Àǹtí mi wò mí títí. Màmá wa ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí n lọ bá wọn kí Bàbá Akáǹtà tó wà lójúlé kejì sí wa, kí wọ́n jọ̀ọ́ yà wò wá. Bàbá yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akáǹtà fún ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo ìṣirò tèmi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibi tó yẹ kó o parí sí lo ti bẹ̀rẹ̀."

Ìfẹ̀yìntì ló ń ṣáájú

Bàbá ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan ni owó tí wọ́n ń yọ, ó sì ní èyí tó ń ṣáájú. Owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣírò, torí pé ohun tó bá lọ síbẹ̀, owó-orí kì í kàn án.

Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ á dá náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á rò pé gbogbo owó-oṣù ni wọ́n ń wò. Rárá o. Mẹ́ta ni òfin ní kí wọ́n mú pọ̀, ó kéré tán: owó-oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ti àǹtí mi jẹ́ ₦120,000 àti ₦60,000 àti ₦30,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦210,000. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ₦16,800. Ó bá ti inú ìwé mu. Ká ní a ti fi ₦250,000 ṣe é ni, ₦20,000 la ò bá pè é, a ò bá sì máa fi ẹ̀sùn èké kan ilé iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dá tirẹ̀, ìyẹn náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ₦210,000, ₦21,000 nìyẹn. Kò sí nínú ₦250,000 yẹn, òkè rẹ̀ ló wà. Àròpọ̀ méjèèjì, ₦37,800 ló yẹ kó máa wọ àpò ìfẹ̀yìntì àǹtí mi lóṣooṣù.

NHF ló tẹ̀ lé e. Èyí rọrùn: náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, lórí owó-oṣù gangan nìkan. ₦120,000 fún wa ní ₦3,000. Ẹni tó bá ń dá a lè tọrọ ẹ̀yáwó ilé nípasẹ̀ ètò náà. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń yọ ọ́, àmọ́ ti àǹtí mi ń yọ ọ́.

Igbá owó-orí

Ẹ̀yìn èyí la tó kan owó-orí. Òfin owó-orí tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Bàbá ní òun fẹ́ kí a fọkàn sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ọdún ni owó-orí ń wò, kì í ṣe oṣù. Ẹ ó kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di ti ọdún, ẹ ó ṣírò, lẹ́yìn náà lẹ ó pín in sí méjìlá. Èkejì, kì í ṣe ẹyọ owó kan ni wọ́n ń dá owó-orí lé. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń bu omi sínú igbá tó tò tẹ̀lé ara wọn ni. Tí igbá àkọ́kọ́ bá kún, ìyókù á ṣàn sínú ìkejì.

Igbá àkọ́kọ́ gba ₦800,000 lọ́dún. Ìjọba ò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òfo ni owó-orí ibẹ̀. Igbá kejì gba ₦2,200,000, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń bù níbẹ̀. Igbá kẹta gba ₦9,000,000, náírà méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ni tibẹ̀. Àwọn igbá mìíràn ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn fún àwọn olówó ńlá, títí dé náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ omi àǹtí mi ò tíì débẹ̀.

Ìdí nìyí tí ₦37,500 tèmi fi jẹ́ ìṣìnà. Mo bu owó-orí nínú igbá tí wọn kì í bu nǹkan kan nínú rẹ̀, mo sì tún bu owó-orí lórí owó ìfẹ̀yìntì tí kò yẹ kí n kàn. Ibi yìí náà ni Bàbá ti sọ fún wa pé irọ́ ni àwọn èèyàn ń pa, tí wọ́n bá ní owó-oṣù tó lọ sókè díẹ̀ lè mú kí owó tó ń délé wálẹ̀ nítorí owó-orí. Owó tó bá ṣàn wọ igbá kẹta nìkan ni wọ́n ń bu ìdá méjìdínlógún nínú ẹ̀. Omi inú igbá kejì dúró bó ṣe wà.

Ẹ wo ìṣirò ti àǹtí mi bí Bàbá ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé:

- Owó ọdún kan: ₦250,000 lọ́nà 12 = ₦3,000,000
- Yọ ìfẹ̀yìntì: ₦16,800 lọ́nà 12 = ₦201,600
- Yọ NHF: ₦3,000 lọ́nà 12 = ₦36,000
- Ó ku ₦2,762,400
- Yọ igbá àkọ́kọ́: ₦800,000
- Ó ku ₦1,962,400 sínú igbá kejì
- Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ = ₦294,360
- Pín in sí 12 = ₦24,530 lóṣooṣù

₦24,530! Ohun tó wà nínú ìwé owó-oṣù náà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àǹtí mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ò jí owó wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé Àkáǹtì àtijọ́ bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra o. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n wá lọ sí 11, tí wọ́n sì ń yọ ₦200,000 pẹ̀lú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kó tó di pé wọ́n ṣírò, òfin àná nìyẹn. Ó dára fún ìbéèrè tó bá sọ pé ká lò ó, kò dára fún owó-oṣù ọdún 2026.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà tó ń jò

Gbogbo wa ti fẹ́ dìde nígbà tí Bàbá béèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti fún ilé iṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí owó ilé rẹ?" Àǹtí mi ní, "Ìwé ẹ̀rí wo, sà?"

Òfin tuntun yìí ní ìdẹ̀rùn kan fún ẹni tó ń gba ilé. Wọ́n á yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí o san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa dá owó-orí lé, tí kò bá ti kọjá ₦500,000. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá sọ iye tó san, tí kò sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa bá a yọ ọ́.

Àǹtí mi san ₦400,000. Ìdá ogún rẹ̀ ni ₦80,000. Tí a bá yọ ìyẹn kúrò lára ₦1,962,400, ó ku ₦1,882,400. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦282,360, tí a bá pín in sí méjìlá, ₦23,530. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló dínkù lóṣù, ₦12,000 lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì í gbọ́. Kì í ṣe ₦80,000 ni ìjọba máa dá padà. Owó-orí orí ₦80,000 yẹn ni wọn ò ní gbà. Mo rí i pé àwọn kan níbí ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjọba ń bá èèyàn san owó ilé.

Ẹgbẹ̀rún kan ò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, àmọ́ fún ẹni tó ń wọkọ̀ láti Ṣuléjà lọ sí Àbújá, owó ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi mú rìsíìtì owó ilé àti ìwé àdéhùn wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó-oṣù.

Owó ìfẹ̀yìntì tí kò ríbi sùn

Ìbéèrè kan ló kù tí Bàbá bi àǹtí mi, òun ló sì yà wá lẹ́nu jù. "Nọ́ńbà àpò ìfẹ̀yìntì rẹ dà?" Àǹtí mi ò ní. Ṣé ẹ rí i, ₦16,800 ti kúrò nínú owó wọn, àmọ́ kò sí àpò kankan tó ń jẹ́ orúkọ wọn tó lè wọ̀.

Bàbá ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa yan ilé iṣẹ́ tó máa bójú tó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló máa yàn án fún un. Òṣìṣẹ́ á mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á tẹ ìka rẹ̀, wọ́n á sì ṣí àpò kan fún un tí wọ́n ń pè ní RSA. Nọ́ńbà àpò náà máa ń fi PEN bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni yóò mú padà fún ilé iṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, òfin sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ilé iṣẹ́ bá san owó-oṣù, ó gbọ́dọ̀ ti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé? Kì í ṣe ìwé owó-oṣù ló máa sọ ọ́. Ìwé owó-oṣù kàn ń sọ pé wọ́n yọ ọ́ ni. Àlàyé àpò tí ilé iṣẹ́ olùtọ́jú owó ìfẹ̀yìntì bá fi ránṣẹ́, tàbí tí o bá wò lórí fóònù, ni ẹ̀rí. Tí àǹtí mi bá rí ₦16,800 nìkan, a jẹ́ pé ọ̀gá ò dá tiẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé owó náà ń sùn sí àpò ẹlòmíràn. ₦37,800 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àǹtí mi ṣí àpò náà lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí oṣù kejì parí, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó wọlé síbẹ̀, ti oṣù kìíní àti ti oṣù kejì. Wọ́n fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá. Owó yìí ò sọnù o. Nígbà ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń gbà á, tí ọjọ́ orí bá ti pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan.

Èwo ni òfin, èwo ni ọwọ́ ara wa?

Bàbá wá fi bírò fàlà sí àárín àwọn owó tí wọ́n yọ. Wọ́n ní ìfẹ̀yìntì àti owó-orí, àwọn yẹn kì í ṣe ohun tí àǹtí mi lè dá dúró. ₦20,000 ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Àǹtí mi fúnra wọn ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, láàárín fọ́ọ̀mù mẹ́fà tí wọ́n gbé síwájú wọn. Wọ́n ti gbàgbé! Owó tiwọn ni, owó tó ń pa mọ́ fún wọn ni, àmọ́ wọn ò kà á mọ́ ìnáwó.

Ìyẹn ló jẹ́ kó yé wa pé owó tó délé kì í ṣe ohun kan náà lójú òfin àti lójú ẹni. Lójú òfin, ₦206,670 ló kù fún àǹtí mi tí owó ilé bá ti wọ ìṣirò. Ẹ̀yìn alájẹṣẹ́kù, ₦186,670. Orí iye kejì yìí ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi ètò ìnáwó lé.

Ìtẹ́ tuntun

Ètò àkọ́kọ́ tí àǹtí mi ṣe lórí ₦250,000 nìyí: owó ilé ₦35,000, owó ọkọ̀ ₦44,000, oúnjẹ ₦50,000, màmá ₦20,000, ìdánwò mi ₦10,000, àjọ ₦50,000, iná àti gáàsì àti dátà ₦16,000, aṣọ àti irun ₦25,000. Ó pé ₦250,000 géérégé, kọ́bọ̀ kan ò ṣẹ́kù. Ìtẹ́ erinmi ni wọ́n kọ́ fún eku.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó tún un ṣe. Bàbá ní ká má bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó wù wá, ká bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó máa dá wàhálà sílẹ̀ tí a kò bá san án.

Owó ọkọ̀ ló ṣáájú. ₦2,000 ni àǹtí mi ń ná lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ méjìlélógún ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ₦44,000 nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ₦30,000 ni ìwé owó-oṣù pè ní owó ọkọ̀. Orúkọ lásán ni, kò bá iye tí wọ́n ń san fún awakọ̀ mu.

Owó ilé ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni onílé máa béèrè, àmọ́ oṣooṣù ló yẹ ká máa kó o jọ. ₦400,000 tí a pín sí méjìlá lé díẹ̀ ní ₦33,300, a fi í sí ₦34,000, ó sì gbọ́dọ̀ wọ àpò báǹkì mìíràn tí káàdì rẹ̀ kò sí nínú pọ́ọ̀sì.

Àjọ ló le jù. Àǹtí mi ti dá ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sì ṣe nọ́ńbà karùn-ún. Tí wọ́n bá yọ ẹsẹ̀ báyìí, ẹni tó kàn ló máa jẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀dí. Màmá wa, tí wọ́n ti ń dá àjọ lọ́jà kí wọ́n tó bí wa, ló mú ojútùú wá. Wọ́n ní, "Ṣé kò sẹ́ni tẹ́ ẹ lè jọ pín ọwọ́ kan ni?" Àǹtí mi pe ẹnì kan níbi iṣẹ́, onítọ̀hún gbà. ₦25,000 ni wọ́n ń dá báyìí, ìlàjì ni wọ́n sì máa kó nígbà tó bá kàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ wálẹ̀ sí ₦42,000, torí àǹtí mi máa ń ra oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, wọ́n á máa gbé e láti ilé báyìí. Iná, gáàsì àti dátà di ₦12,000. Aṣọ àti irun di òfo títí àjọ á fi dé. Màmá ní kí ₦20,000 tiwọn di ₦15,000, kí oṣù mẹ́sàn-án di oṣù méjìlá. Wọ́n sọ ọ́ bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ mo mọ igun tó ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Nígbà tó kan tèmi, mo ní kí àǹtí mi yọ ₦10,000 náà kúrò. Wọ́n ò dáhùn, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

- Owó ọkọ̀: ₦44,000
- Owó ilé: ₦34,000
- Àjọ: ₦25,000
- Oúnjẹ: ₦42,000
- Màmá: ₦15,000
- Ìdánwò mi: ₦10,000
- Iná, gáàsì, dátà: ₦12,000
- Àpapọ̀: ₦182,000

Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦186,670, ó ku ₦4,670. Èyí ni owó ìpàjáwìrì: bàtà tó já, oògùn ibà, owó ọkọ̀ tó bá gbówó lórí. Ó kéré, àní ó kéré gan-an. Tí owó ọkọ̀ bá fi ₦300 lé lójúmọ́ péré, ₦6,600 ló máa jẹ́ lóṣù, owó ìpàjáwìrì ti tán nìyẹn. Bàbá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, alájẹṣẹ́kù ni kí àǹtí mi lọ bá, kí wọ́n dín ₦20,000 kù, kì í ṣe kí wọ́n lọ yá owó lórí fóònù.

Ẹ dán an wò

Kí n tó dákẹ́, ẹ bá mi ṣírò èyí. Òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦150,000 lóṣù: owó-oṣù gangan ₦70,000, owó ilé ₦35,000, owó ọkọ̀ ₦15,000, àjẹmọ́nú yòókù ₦30,000. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kì í yọ NHF. Ó san ₦300,000 fún ilé lọ́dún, ó sì ti mú ìwé ẹ̀rí wá. Kò sí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èló ló máa délé?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é kẹ́ ẹ tó ka ìlà tó kàn o.

Ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ₦120,000 la máa wò, ₦9,600 ni. Lọ́dún, ₦1,800,000, yọ ₦115,200 ìfẹ̀yìntì, yọ ₦60,000 ti owó ilé, yọ ₦800,000 igbá àkọ́kọ́, ó ku ₦824,800. Owó-orí rẹ̀ lọ́dún ₦123,720, lóṣù ₦10,310. Owó tó délé: ₦130,090.

Ẹni tó bá rí iye mìíràn, kó wo bóyá ó fi ₦150,000 ṣírò ìfẹ̀yìntì, tàbí ó gbàgbé láti sọ ọ́ di ti ọdún. Ibi méjèèjì yẹn ni èmi náà ti ṣubú. Ẹni tí kò bá sì yé, mo wà ní ìdí pátákó ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó mú bírò àti kakulétọ̀ rẹ̀ dání.